Ẹrẹ̀ Etí Òkun àti Ọ̀dá Ilé-Ifẹ̀

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìgbókòdá, tí ó sì forí lé Awóyè ní etí òkun Ìlàjẹ, yóò kọ́kọ́ la àárín igi ògùrọ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rí igi ẹ̀gbà, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ sókè omi bí ẹsẹ̀ alákàn, títí tí kò fi ní rí ohun mìíràn mọ́ bí kò ṣe òkun àti ojú ọ̀run. Ní Awóyè, orí òpó ni ilé wà. Orí afárá pákó ni ènìyàn ń rìn láti ilé kan dé òmíràn. Kò sí òkúta níbẹ̀, kò sí òkè. Yanrìn pàápàá ṣọ̀wọ́n, nítorí pé etí òkun Màhìn yàtọ̀ sí ti Èkó àti ti Àgbádárìgì: ẹrẹ̀ ni ó tẹ́ ẹ, ẹrẹ̀ dúdú rírọ̀ tí ẹsẹ̀ ń rì sí. Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè ibi tí ó yẹ kí a ti wá ìtàn igbó, ti oko àti ti ọ̀dá, kò sí ẹni tí yóò dárúkọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tí kò ṣeé kọ ebè iṣu sí, tí omi kò sì wọ́n níbẹ̀ rí. Síbẹ̀ nínú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ ti ka apá tí ó pọ̀ jù nínú ìtàn náà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á kò ṣòro láti yé ni. Igi gbogbo, koríko gbogbo, ní àkókò òdòdó rẹ̀, a máa gbọn ìyẹ̀fun lúbúlúbú dànù sínú afẹ́fẹ́. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí Ẹlẹ́dàá fi rán an. Èyí tí ó pọ̀ jù a bọ́ sílẹ̀, àgbàrá a gbé e sínú odò, odò a sì gbé e lọ sí ọ̀sà àti ẹnu òkun. Èèpo ìyẹ̀fun yìí le débi pé bí ẹrẹ̀ bá ti bò ó, tí afẹ́fẹ́ kò sì rí i mọ́, kì í jẹrà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ti ọ̀pẹ kò sì jọ ti ìrókò, ti ẹ̀gbà kò jọ ti koríko. Ẹni tí ó bá fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò wọ́n lè pè wọ́n ní orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí a bá ti ọ̀pá gígùn bọ inú ẹrẹ̀, tí a sì fa ẹrẹ̀ jáde bí ọmú inú egungun, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ni ti àtijọ́, èyí tí ó wà lókè ni ti òní. A ó ka ìyẹ̀fun tí ó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan, a ó sì mọ irú igbó tí ó yí odò ká ní ìgbà náà. Ní ti ọjọ́ orí, kábọ́ọ̀nù tí ó wà nínú ewé àti igi jíjẹrà ni a fi ń mọ̀ ọ́n, nítorí pé ẹ̀yà kan nínú rẹ̀ a máa dínkù ní ìwọ̀n tí a mọ̀ láti ọjọ́ tí igi náà bá ti kú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Ṣówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn ni ó ṣe aṣáájú nínú iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 àti láàárín àwọn ọdún 1980, ó ka ẹrẹ̀ tí a fà jáde ní ẹnu odò Ọya, níbi tí odò ńlá náà ti ń pín sí ẹ̀ka kí ó tó wọ òkun. Ohun tí ó rí ni pé ní nǹkan bí 2,800 ọdún sẹ́yìn, ìyẹ̀fun òdòdó ọ̀pẹ pọ̀ sí i lójijì, ti àwọn èpò inú oko sì bá a wá, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn igi igbó kan ń dínkù. Àlàyé tí ó ṣe ni pé àgbẹ̀ ti dé: ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣán igbó tí ọ̀pẹ fi rí àyè.

Àlàyé náà bá ohun tí ojú àwọn baba wa rí mu. Ọ̀pẹ kì í dàgbà lábẹ́ òjìji igbó kìjikìji. Oòrùn ni ó ń fẹ́. Bí àgbẹ̀ bá ṣán igbó ní ẹ̀ẹ̀rùn, yóò gé igi tí agbára rẹ̀ ká, yóò bó èèpo èyí tí ó tóbi jù yíká kí ó lè gbẹ lórí ìdúró, yóò sì ti iná bọ gbogbo rẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ ni kì í fọwọ́ kàn, nítorí epo rẹ̀, ẹmu rẹ̀ àti ọ̀wọ̀ rẹ̀. Iná náà kì í sì tètè pa ọ̀pẹ. Ẹyìn tí ó bọ́ sílẹ̀, tí ẹyẹ gbé, tí ọ̀kẹ́rẹ́ sì gbàgbé, a hù nínú oko tí a ti pa tì. Lẹ́yìn ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ibi tí ó jẹ́ ẹgàn rí a di igbó ọ̀pẹ tí kò sí ẹni tí ó gbìn ín. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ igbó tí a ń pè ní ẹgàn lónìí ni ó ní àpáàdì àti èédú nínú ilẹ̀ rẹ̀.

Ilẹ̀ pẹ̀lú yí padà. Ní igbó ilẹ̀ olóoru, ọrọ̀ ilẹ̀ kò jìn nísàlẹ̀. Inú igi fúnra rẹ̀ ni ó wà, àti nínú ewé jíjẹrà tí ó bo ojú ilẹ̀. Iná a sọ ọrọ̀ náà di eérú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Eérú a mú kí iṣu ọdún kìíní tóbi, ti ọdún kejì a ṣì dára. Ní ọdún kẹta òjò ti fọ èyí tí ó kù wọ ìsàlẹ̀ tí gbòǹgbò iṣu kò lè dé, ilẹ̀ náà a sì ṣá. Nígbà náà ni àgbẹ̀ ń fi í sílẹ̀ ní ìrọ̀jù kí igi lè tún un ṣe. Bí ìrọ̀jù bá pẹ́ tó, ilẹ̀ a padà bọ̀ sípò, kò sì sí ìpalára. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá pọ̀ ní ibì kan, tí wọ́n ní láti padà sí ilẹ̀ kan náà kí igi tó gbilẹ̀, èkan ni yóò hù dípò igi. Iná ọdọọdún kì í pa èkan, nítorí inú ilẹ̀ ni ìdí rẹ̀ wà. Ibi tí èkan bá ti gba ilẹ̀, tí iná sì ń jó o lọ́dọọdún, igbó kì í tètè padà síbẹ̀. Àgbàrá a sì máa gbá erùpẹ̀ orí òkè wọ inú àfonífojì, odò a sì máa gbé e lọ sí òkun.

Ẹ̀rí tí ó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ kò tako èyí. Ní ihò Ìwó Elérú, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, níbi tí Thurstan Shaw àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ti hú egungun ènìyàn tí ó ti lé ní 11,000 ọdún jáde ní 1965, òkúta wẹ́wẹ́ tí ọdẹ ń lò nìkan ni ó wà ní ìpele ìsàlẹ̀. Ní ìpele òkè ni ìkòkò ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, pẹ̀lú àáké òkúta tí a lọ̀ tí ẹnu rẹ̀ fi ń dán. Irú àáké yìí ni àwọn Yorùbá mọ̀ sí ẹdùn àrá, tí wọ́n gbàgbọ́ pé Ṣàngó ni ó ń sọ ọ́ láti òkè. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ ti pọ̀ tó ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ó ka iye ẹdùn àrá tí ó wà nínú ojúbọ Ṣàngó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀, àríyànjiyàn tí ó tẹ̀lé e sì ni ó kọ́ni lọ́gbọ́n jù. Jean Maley, onímọ̀ ará Faransé, tọ́ka sí i pé ní àkókò kan náà, láàárín nǹkan bí 3,000 sí 2,000 ọdún sẹ́yìn, igbó ya ní ibi púpọ̀ láti Kamẹrúùnù dé Kóńgò, títí kan ibi tí a kò ti rí ẹ̀rí pé àgbẹ̀ pọ̀. Ní ìwòye rẹ̀, ọ̀dá ni ó ya igbó náà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gùn sí i, igi ńlá kú, oòrùn wọlé, ọ̀pẹ sì hù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣán oko fún un. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ kọ́ ni ó la ọ̀nà fún ọ̀pẹ. Ọ̀dá àti ọ̀pẹ ni wọ́n la ọ̀nà fún àgbẹ̀. Àpẹẹrẹ kan tí ó gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ wà nítòsí wa. Láti ìhà Àkúrá dé ìhà ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀dàn gé igbó ńlá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí méjì, ó sì dé etí òkun. Ẹrẹ̀ adágún Sẹ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fi hàn pé igbó wà níbẹ̀ rí, àti pé ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, nígbà tí òjò gbogbo apá yìí ń dínkù tí aṣálẹ̀ Sàhárà sì ń gbẹ. Ní Àhànvẹ́ nítòsí Àgbádárìgì, Ṣówùnmí fúnra rẹ̀ rí i pé igi ẹ̀gbà tí ó ti kún ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún parẹ́ ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn.

Báwo ni a ṣe lè mọ èyí tí ó ṣe é? Ìyẹ̀fun ọ̀pẹ nìkan kò lè sọ ọ́. Ohun tí ń ya ọwọ́ ènìyàn sọ́tọ̀ ni ohun tí ọ̀dá kò lè ṣe: èkùrọ́ tí a fọ́ tí ó sì jóná nínú ààrò, irú èyí tí a rí ní Kíntámpò ní Gánà pẹ̀lú ọkà àti egungun ewúrẹ́, èpò tí kì í hù bí kò ṣe nínú oko, àpáàdì tí ó wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú èédú. Níbi tí a bá ti rí gbogbo wọn pọ̀, àgbẹ̀ ni. Níbi tí ọ̀pẹ bá dá wà, ẹnu kò kò lórí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi, ó dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́, nítorí igbó tí ọ̀dá ti sọ di aláìlágbára ni ó rọrùn jù fún iná àgbẹ̀.

Awóyè tún ní ẹ̀kọ́ kan láti kọ́ àwọn tí ń ka ẹrẹ̀. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún ogún, nígbà tí a ń wá epo rọ̀bì ní etí òkun yìí, a la ipadò tí ó so òkun mọ́ irà omi dídùn tí ó wà lẹ́yìn ìlú. Omi iyọ̀ wọlé. Àwọn igi tí omi dídùn ń bọ́ kú lórí ìdúró, ẹja omi dídùn lọ, koríko omi iyọ̀ sì gba ipò wọn. Ìyẹ̀fun òdòdó ti ṣe àkọsílẹ̀ èyí nínú ẹrẹ̀. Bí onímọ̀ kan bá ti ọ̀pá bọ ibẹ̀ ní 2,000 ọdún sí i, tí kò sì gbọ́ nípa ipadò náà, yóò rí i pé igbó omi dídùn parẹ́ lójijì, ó sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé òjò ni ó dáwọ́ dúró tí odò sì fà, tí òkun fi gba ilẹ̀. Òjò kò sì dáwọ́ dúró.

Ní ti pé bóyá àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ yí ojú ọjọ́ fúnra rẹ̀ padà, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Èkíní jẹ́ ti agbègbè. Afẹ́fẹ́ olómi tí ó ń ti òkun wá a rọ òjò sórí igbó. Igbó a fa omi náà láti inú ilẹ̀, ewé rẹ̀ a sì tú u padà sókè, afẹ́fẹ́ a gbé e lọ sínú ilẹ̀ láti tún rọ̀. Bí igbó etí òkun bá dínkù, òjò tí ó yẹ kí ó dé òkè ọ̀hún a dínkù pẹ̀lú. Èkejì jẹ́ ti gbogbo ayé. Ní 2003, William Ruddiman ará Amẹ́ríkà sọ pé àwọn gáàsì tí ń mú ayé móoru, tí afẹ́fẹ́ àtijọ́ tí ó há sínú yìnyín Antákítíkà fi hàn, bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láti nǹkan bí 8,000 ọdún sẹ́yìn, ní àkókò tí ìṣirò ojú ọjọ́ fi hàn pé ó yẹ kí wọ́n máa dínkù. Ó ní igbó tí àgbẹ̀ Yúróòpù àti Éṣíà jó àti oko ìrẹsì olómi ni ó fà á. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ní inú òkun ni púpọ̀ nínú gáàsì náà ti wá. Ti agbègbè ni ó kan ilẹ̀ Yorùbá jù.

Ohun gbogbo tí a ti sọ yìí ni ó wà lẹ́yìn Ilé-Ifẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá, ìlú náà dàgbà láàárín igbó tí àgbẹ̀ ti ń ṣán fún ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n mọ odi yí i ká. Wọ́n fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà rẹ̀, iṣẹ́ tí àwọn ará Ifẹ̀ ń so mọ́ orúkọ Lúwo, obìnrin tí ó jọba níbẹ̀. Wọ́n fi bàbà àti idẹ dá orí àwọn ọba, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Yorùbá kò ní bàbà. Ọ̀nà jíjìn ni ó ti wá. Ohun tí wọ́n ń tà fún àwọn ará òkèèrè pọ̀, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ ni ó gbajúmọ̀ jù. Iṣẹ́ Abídèmí Babátúndé Babalọlá ní Igbó Olókun ti fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ kò kàn yọ́ gíláàsì tí a kó wá láti ibòmíràn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń ṣe é láti inú ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ wọn. Iná tí ń yọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná ju 1,000 ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì lọ, igi àti èédú ni ó sì ń jẹ. Bí a bá fi ti àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn amọ̀kòkò kún un, a ó rí i pé igbó tí ó wà nítòsí ìlú náà kò lè jẹ́ ẹgàn mọ́.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 1400, iṣẹ́ ńláńlá wọ̀nyí wá sí òpin. Ìlú náà kò parẹ́, a kò sì gbàgbé ọlá rẹ̀, ṣùgbọ́n Ifẹ̀ tí ń da idẹ, tí ń tẹ́ àpáàdì, tí ọwọ́ rẹ̀ sì nà dé etí odò Ọya kò sí mọ́.

Ìdí rẹ̀ lè wà nínú adágún kan tí ó ju 600 kìlómítà lọ sí ìwọ̀ oòrùn Ifẹ̀. Adágún Bòsùmtúwì, nítòsí Kùmásì ní Gánà, jẹ́ kòtò rìbìtì tí òkúta láti ojú ọ̀run gbẹ́ ní ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Kò sí odò tí ń ṣàn jáde nínú rẹ̀. Òjò ni ó ń kún un, oòrùn ni ó ń fà á. Nítorí náà bí òjò bá dínkù, adágún náà a fà, kò sì sí ohun mìíràn tí a lè dá lẹ́bi. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ to ara rẹ̀ ní ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ọdún kan lórí òmíràn, bí ewé ìwé. Ní 2009, Timothy Shanahan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ohun tí wọ́n kà níbẹ̀ jáde. Wọ́n rí i pé ọ̀dá ọlọ́dún púpọ̀ kì í ṣe àjèjì ní apá ayé yìí: ó ń wá, ó ń lọ, ní gbogbo ọgbọ̀n ọdún sí ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó gùn fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí ó súnmọ́ ìgbà tiwa jù sì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1400, kò sì parí títí di nǹkan bí 1750. Ẹ̀rí tí ojú lè rí wà pẹ̀lú. Láàárín adágún náà ni òkú igi igbó ti ń yọ orí jáde, tí ìdí wọn wà nínú ilẹ̀ ní nǹkan bí 15 sí 20 mítà lábẹ́ omi. Igi kì í hù nínú omi tí ó jìn bẹ́ẹ̀. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n hù sí, wọ́n sì dàgbà di igi ńlá kí omi tó padà wá bò wọ́n. Ọ̀dá tí ó pa màlúù àti ènìyàn ní Sàhẹ́lì láti 1968 títí dé nǹkan bí 1974 kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú èyí.

Akínwùmí Ògúndìran, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá tí ó jáde ní 2020, so ìwó Ifẹ̀ mọ́ ọ̀dá yìí. Ó tọ́ kí a wo bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe lè rí, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ pé ọ̀dá gùn fún 350 ọdún lè rò pé òjò kò rọ̀ rárá. Òjò rọ̀. Igbó kò di aṣálẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣu ń fẹ́ oṣù méje tàbí mẹ́jọ tí ilẹ̀ kò gbẹ. Bí àkọ́rọ̀ bá pẹ́ dé, tí ọyẹ́ sì tètè dé, iṣu a rán. Àgbẹ̀ ọkà lè fi ẹ̀kúnwọ́ irúgbìn gbin oko. Àgbẹ̀ iṣu gbọ́dọ̀ fi apá tí kò kéré nínú ìkórè rẹ̀ pamọ́ fún èbù. Ní ọdún ìyàn, èbù náà ni ẹbí ń jẹ, oko ọdún tí ó tẹ̀lé e a sì kéré bí òjò tilẹ̀ rọ̀ dáadáa. Iṣu kò sì ṣeé tọ́jú pẹ́: èyí tí a kó sí abà ní ọdún yìí kò lè dúró de ọdún kẹta, gẹ́gẹ́ bí ọkà inú rúmbù ilẹ̀ Haúsá ti lè ṣe. Iná ẹ̀ẹ̀rùn wà pẹ̀lú. Ní 1983, ọ̀dá ọdún kan péré mú kí iná ìgbẹ́ wọ igbó Gánà, ó sì jó oko kòkó níbi tí iná kì í ti wọ igbó tẹ́lẹ̀. Bí irú ọdún bẹ́ẹ̀ bá ń padà wá léraléra, ìrọ̀jù tí ó yẹ kí ó tún ilẹ̀ ṣe ni yóò máa jóná.

Ìlú kékeré lè fara da èyí, nítorí ó lè pínyà, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan wá etí odò lọ. Ìlú ńlá ni kò lè ṣe é. Alágbẹ̀dẹ, onílẹ̀kẹ̀, onífọ̀n, ìjòyè àti àwòrò kì í gbin iṣu tí wọ́n ń jẹ. Àjẹṣẹ́kù àgbẹ̀ ni ó bọ́ wọn. Bí kò bá sí àjẹṣẹ́kù mọ́, ẹni tí ń yọ́ gíláàsì a padà sí oko, ọmọ rẹ̀ kò sì ní kọ́ iṣẹ́ náà. Ọgbọ́n tí ìran méjì kò bá lò a sọnù. Èyí ni ó lè ṣàlàyé ìdí tí àwọn ará Ifẹ̀ fi wà níbẹ̀ títí, tí iṣẹ́ wọn kò sì sí.

Síbẹ̀ kò yẹ kí a gba àlàyé yìí láìjiyàn. Gérard Chouin, tí ó ti wú ilẹ̀ ní Gánà àti ní Ifẹ̀, rí i pé a pa àwọn ìlú olódi kan tì ní igbó gúúsù Gánà láàárín ọ̀rúndún kẹrìnlá, ó sì dábàá pé àjàkálẹ̀ àrùn tí ó pa ìdajì Yúróòpù ní ìgbà náà lè ti dé ìhín. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwó náà ṣáájú ọ̀dá. Ọ̀nà láti mọ̀ ni kí a mọ ọdún náà dájú. Ṣùgbọ́n ìṣirò kábọ́ọ̀nù lè fi ogójì tàbí àádọ́ta ọdún ṣìnà, ìyẹn gan-an ni ó wà láàárín àlàyé méjèèjì. Ìṣòro mìíràn ni pé Bòsùmtúwì kì í ṣe Ifẹ̀. Ní Mesopotámíà, níbi tí ilẹ̀ ọba Ákádì ti wó ní nǹkan bí ọdún 2200 ṣáájú ìbí Kristi, ìlú Tẹ́lì Léílánì tí a pa tì àti eruku ọ̀dá tí afẹ́fẹ́ gbé wọ inú òkun Ómánì jẹ́rìí sí ohun kan náà. Wọ́n sì tún ní ìwé kíkọ, bẹ́ẹ̀ ni àríyànjiyàn kò tí ì tán níbẹ̀. Ifẹ̀ kò ní ìwé kíkọ.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni Ifẹ̀ ní, ó sì padà gbé wa dé etí òkun Ìlàjẹ. Àwọn Ugbò, tí Awóyè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú àdúgbò wọn, sọ pé àwọn ni onílẹ̀ Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé, àti pé láti ibẹ̀ ni àwọn ti ṣí wá sí inú omi. Ifẹ̀ ní tirẹ̀ ń sọ ti àwọn Ìgbò tí wọ́n fi imọ̀ bora bí ará ọ̀run, tí wọ́n ń wọ ọjà wá kó oúnjẹ lọ, títí tí Mọrèmi fi tú àṣírí wọn. Ó dùn láti sọ pé ọ̀dá ni ó lé àwọn olóko tí a gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn wá jí oúnjẹ kó. Kò sí ohun tí ó tì í lẹ́yìn. Ìgbà Odùduwà àti Mọrèmi ni ìtàn náà fi ara rẹ̀ sí, ìgbà tí Ifẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀. Ọ̀dá Bòsùmtúwì sì dé nígbà tí Ifẹ̀ ti gòkè tán, lẹ́yìn ìran púpọ̀. Bí ebi bá wà nínú ìtàn Mọrèmi, ebi mìíràn ni. Ohun tí ìtàn Ugbò lè sọ fún wa ni pé ìjà lórí ilẹ̀ oko ti wà ní Ifẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àti pé ọ̀nà tí ẹni tí kò rí ilẹ̀ gbà ni ọ̀nà omi, sí ibi tí ẹja rọ́pò iṣu.

Ohun tí ó lè fi òpin sí àríyànjiyàn ọdún 1400 ni ẹrẹ̀ tí ó súnmọ́ Ifẹ̀ ju ti Gánà lọ. Odò Olúwà ń gba inú igbó Oǹdó kọjá wá sí ọ̀sà Màhìn, erùpẹ̀ òkè ni ó sì ń gbé wá. Bí oko bá pọ̀ ní òkè, erùpẹ̀ rẹ̀ a pọ̀. Bí ìlú bá tú, tí igbó padà, yóò hàn nínú ìyẹ̀fun òdòdó. Ṣùgbọ́n òkun kò dúró de ẹnikẹ́ni ní ìhà yìí. Ní Awóyè àti àwọn abúlé tí ó yí i ká, ó ń gé ilẹ̀ ẹrẹ̀ náà ní ìwọ̀n tí ó lé ní mítà mẹ́wàá lọ́dún kan ní ibòmíràn. Àwọn ará ibẹ̀ ti tú òpó ilé wọn sẹ́yìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìpele ẹrẹ̀ àtijọ́ sì ń bá omi lọ pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú wọn.